Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá fún ìyá àgbà

Lóṣù tó kọjá, ìyá mi ní Ìbàdàn ń múra ọjọ́ ìbí. Àbúrò mi bá ní kí gbogbo ọmọ-ọmọ fi fídíò ránṣẹ́ sí wọn: Yorùbá nìkan, kò sì gbọdọ̀ ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá lọ. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 11 tí a bí síbí ní Houston, gbọ́ ọ, ó dákẹ́. Tí màmá bá pè wá, "Ẹ káàsán mà" nìkan ló máa ń sọ, á sì yára gbé fóònù fún mi. Nígbà tí mo bi í léèrè ohun tó ń dà á láàmú, ó ní, "Mọ́mì, ó ti pẹ́ jù fún èmi."

Mi ò bá a jiyàn. Mo bi í pé kí ló fẹ́ sọ nínú fídíò náà. Ó ní Hakeem Ọlájùwọ́n ni. Kò yà mí lẹ́nu, nítorí ta ni kò mọ̀ ọ́n ní Houston yìí? Àwa méjèèjì jókòó, ó kọ gbogbo ohun tó mọ̀ nípa ọkùnrin náà: pé Èkó ni wọ́n bí i sí ní 1963, pé ọdún 1980 ló dé Yunifásítì Houston, pé ẹgbẹ́ Rockets gba ife-ẹ̀yẹ ní 1994 àti 1995, pé lọ́dún 1991 ló yí bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ rẹ̀ padà láti Akeem sí Hakeem, pé ó dínà bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀mejì-dín-lọ́gọ́rin... rárá o, ibi tí ahọ́n rẹ̀ ti lọ́ nìyẹn. Iye rẹ̀ ni 3,830, kò sì sí ẹni tó tíì dínà tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ń ka irú rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìdíje NBA. Ó kà á, mo wo aago fóònù mi: ìṣẹ́jú àáyá 52. Gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tó parí, mi ò lè sọ fún yín ohun tó bá mi sọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí a ṣe ń wọn àkókò. Àwọn tó ń kọ ìpolówó lédè Gẹ̀ẹ́sì máa ń ka iye ọ̀rọ̀, bíi 75 fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá. Ìyẹn kì í bá Yorùbá mu, nítorí "ó" jẹ́ ọ̀rọ̀ kan, "mọ́kànlélógún" náà jẹ́ ọ̀rọ̀ kan. Sílébù ni kí ẹ kà. Ọmọ mi, tó ń fara balẹ̀ kí ohùn rẹ̀ lè lọ sókè sódò bó ṣe yẹ, ń ka nǹkan bíi sílébù mẹ́rin ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí a bá yọ ibi tó ti ń mí kúrò, ọgọ́rùn-ún sílébù ló wà lọ́wọ́ wa. Ohun tó kọ́kọ́ kọ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Ẹ fi ọmọ tiyín dán an wò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí ọmọ kan yàtọ̀ sí èkejì.

Ọgọ́rùn-ún sílébù yìí la óò pín sí mẹ́rin: ìwọ̀ tí yóò fa olùgbọ́, kókó kan ṣoṣo, ẹ̀rí, àti gbólóhùn ìkádìí. Bí a ó ṣe sọ wọ́n nìyẹn, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí a ó ṣe kọ wọ́n. Kókó ni kí ẹ kọ́kọ́ wá.

Mo ní kí ó parí gbólóhùn yìí fún mi: "Mo fẹ́ kí ẹni tó bá wò ó lọ sọ fún ẹlòmíì pé..." Ó ní, "pé Ọlájùwọ́n dára gan-an." Mo ní gbogbo ayé ti mọ ìyẹn, kí ni ìwọ rí nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀? Ó wo ìwé rẹ̀ títí. Ó wá bi mí bóyá òótọ́ ni pé ọkùnrin náà ti tó ọmọ ọdún 15 kó tó gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní básíkẹ́ẹ̀tì. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, gólí ló ń ṣe nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ní Èkó, ó sì ń gbá hándíbọ́ọ̀lù pẹ̀lú. Ọmọ náà ní, "So, ó pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀." Kókó nìyẹn. Èmi kọ́ ni mo fún un, ẹ̀yin náà ẹ má ṣe fún tiyín.

Wàhálà dé nígbà tó kan ẹ̀rí. Ọmọ yìí fẹ́ràn 3,830 yẹn bí ojú. Ó ní nọ́ńbà ńlá ni, kò sì sẹ́ni tó lè já a nírọ́. Òótọ́ ni, àmọ́ kí ló ń jẹ́rìí sí? Ó ń jẹ́rìí pé ọkùnrin náà mọ bí a ti ń dínà bọ́ọ̀lù. Kò sọ nǹkan kan nípa ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Ìdánwò tí mo ń lò ni pé kí ọmọ sọ kókó rẹ̀, kí èmi sì bi í pé, "Báwo lo ṣe mọ̀?" Ohun tó bá dáhùn ìbéèrè yẹn gan-an ni ẹ̀rí; ìyókù, ẹ̀ṣọ́ lásán ni. "Ó pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀." Báwo lo ṣe mọ̀? "Nítorí ó dínà ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lé..." Òun fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó fa ìlà lé e lórí, kò sì dùn mọ́ ọn rárá.

Ẹ̀rí tó bá kókó yẹn mu ni ọjọ́ orí méjì. Ó ti tó ọmọ ọdún 15 kó tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù náà. Ní 1984, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ NBA ń yan àwọn agbábọ́ọ̀lù tuntun, ọmọ ọdún 21 ni, òun sì ni wọ́n kọ́kọ́ mú nínú gbogbo wọn. Rockets ló mú un. Ẹnì kẹta ni Michael Jordan. (Ẹnì kejì ni Sam Bowie. Ẹ má bi ọmọ yín léèrè rẹ̀, kò sí àyè fún un.)

Nǹkan méjì ló tún yẹ kí n sọ nípa ẹ̀rí yìí. Àwọn kan kọ ọ́ pé ọmọ ọdún 15 ló bẹ̀rẹ̀, àwọn mìíràn ní 17. Nínú fídíò kúkúrú, kò sí ibi tí ẹ ó ti ṣàlàyé ìyẹn. Ẹ wá gbólóhùn tí yóò jẹ́ òótọ́ lọ́nà méjèèjì: "ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó tó..." Bó jẹ́ 17 pàápàá, ó ti pé 15 náà. Nǹkan kejì ni pé ọdún máa ń jẹ àkókò. Ẹ gbìyànjú láti pe 1984 ní Yorùbá: ẹgbàá ó dín mẹ́rìndínlógún. Kí ọmọ ọdún 11 tó pe ìyẹn tán, olùgbọ́ ti lọ. Ọjọ́ orí kúrú jù ú lọ, ó sì tún sún mọ́ kókó wa jù ú lọ.

Ìwọ̀ la kọ kẹ́yìn. Ìṣòro àwọn ọmọ wa níbi ìwọ̀ ni ìkíni, nítorí àwa la kọ́ wọn pé kí wọ́n kí àgbà kí wọ́n tó sọ ohunkóhun. "Ẹ káàárọ̀ mà, orúkọ mi ni báyìí báyìí, inú mi dùn láti..." ti jẹ ìṣẹ́jú àáyá méje. Bẹ́ẹ̀ sì ni fídíò tí kò kí màmá, màmá ò ní gbà á. Ọ̀nà tí a gbé e gbà ni pé ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú kámẹ́rà láìsọ̀rọ̀, bó ṣe ń dìde ló ń sọ̀rọ̀. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ.

Ohun tó sọ nìyí:

"Michael Jordan tò sẹ́yìn ọmọ Èkó kan. Hakeem Ọlájùwọ́n ni. Ó pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó tó fọwọ́ kàn án. Nígbà tó di ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, òun ni wọ́n kọ́kọ́ mú. Ẹnì kẹta ni Jordan. Èmi, ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí. Yorùbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni."

Mo ka nǹkan bíi sílébù 97. Ẹ wò ó pé ìwọ̀ náà gba nǹkan bíi méjìlá péré, ẹ̀rí sì gba nǹkan bí ìdajì gbogbo rẹ̀. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Tí ìwọ̀ bá gùn ju ẹ̀rí lọ, ẹ óò rí i lójú olùgbọ́ pé ó ń retí ohun tí kò dé.

Gbólóhùn ìkádìí yẹn fa àríyànjiyàn díẹ̀ nílé wa. Òwe ni mo fẹ́, èmi ọmọ Ìbàdàn. Ọmọ náà kọ̀, ó ní òwe kì í ṣe ẹnu òun. Nígbà tí mo gbọ́ tirẹ̀, mo fọwọ́ mi sílẹ̀. Kò mú ọ̀rọ̀ tuntun wá. "Bẹ̀rẹ̀" tó wà nínú kókó ló tún gbé, ó sì yí i sí ara rẹ̀. Ohun kan tí mo fi dandan lé ni pé kò gbọdọ̀ fi "ẹ ṣé o, ó dàbọ̀" sẹ́yìn rẹ̀. Kó pa ẹnu mọ́, kó máa wo kámẹ́rà fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ̀ẹ̀mẹfà la yà á ní iwájú ilé, nínú oòrùn Houston yìí, kó tó ṣeé ṣe fún un láti dákẹ́.

A fi í ránṣẹ́. Kò pẹ́ tí fóònù dún, màmá ni. Wọ́n ní kí n gbé e fún ọmọ náà, àwọn ò bá mi sọ̀rọ̀. Wọ́n ní fídíò náà dára, ó dọ̀bálẹ̀ dáadáa, wọ́n sì súre fún un. Wọ́n wá ní, "Ṣùgbọ́n, ọkọ mi, ta ni Jọ́dánì?"

Ìwọ̀ wa ò mú ẹja! Orí ohun tí olùgbọ́ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni ìwọ̀ máa ń dúró lé, èmi àti ọmọ Houston la sì jọ kọ ọ́ bí ẹni pé Houston ni màmá ń gbé. Ká ní a rántí ni, "Gólí ọmọ Èkó kan" ni à bá fi bẹ̀rẹ̀, torí kò sí ẹni tí kò mọ gólí n'Íbàdàn.

Ọmọ náà wò mí. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí i, mo ń gé ẹ̀fọ́ lọ. Ó ní, "Màmá, ó... agbábọ́ọ̀lù ni. Ó ga. Ó pá lórí." Màmá bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní báwo ni wọ́n ṣe ga tó. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni wọ́n lò lórí fóònù náà, mo wò ó lẹ́yìn tí wọ́n parí.