Ìdá Mẹ́wàá Kì Í Fìgbà Gbogbo Ju Ìdá Mẹ́jọ Lọ

Àwọn tó ń polówó ìfowópamọ́ ní Nàìjíríà mọ ohun tí ojú aráàlú máa ń kọ́kọ́ wò. Ìwọ̀n èlé ni wọ́n máa ń kọ gàdàgbà sójú pátákó: ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún! Ẹni tó bá kà á yóò gbà pé ibi tí wọ́n ti ń san ìdá mẹ́wàá sàn ju ibi tí wọ́n ti ń san ìdá mẹ́jọ lọ, kò sì ní béèrè ohun mìíràn. Ìgbàgbọ́ yìí kò tọ̀nà. Ìdajì ọ̀rọ̀ ni iye tí wọ́n kọ síta. Ìdajì tó kù ni ibi tí èlé náà ń gbà lọ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣírò rẹ̀ tán, apá yìí ni ìpolówó kì í sábà mẹ́nu bà.

Bí ó bá jẹ́ pé orí ojú owó tí ènìyàn kọ́kọ́ fi pamọ́ nìkan ni wọ́n ti ń ṣírò èlé lọ́dọọdún, èlé ṣákálá nìyẹn. Bí wọ́n bá ń da èlé pọ̀ mọ́ ojú owó, tí èlé ọdún tó ń bọ̀ fi máa bo àpapọ̀ méjèèjì, èlé orí èlé ni. Ẹni tó ní abo adìyẹ kan, tó ń ta gbogbo ọmọ rẹ̀ lọ́dọọdún, yóò máa ní abo adìyẹ kan náà títí. Ẹni tó bá jẹ́ kí àwọn ọmọ náà dàgbà, kí àwọn náà sì yé, kò ní pẹ́ kí àgò rẹ̀ kún.

Ẹ jẹ́ kí a fi owó ṣe é. Ìyá aláṣọ kan fi N100,000 pamọ́, ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún ni èlé rẹ̀. Ní ìparí ọdún kìíní, èlé jẹ́ N8,000, ó di N108,000. Títí dé ibí yìí, ìyàtọ̀ kankan kò sí láàárín ọ̀nà méjèèjì, ìdí sì nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ọdún kejì ni ọ̀nà pín. Lábẹ́ èlé ṣákálá, N8,000 mìíràn ló máa gbà, ó di N116,000. Lábẹ́ èlé orí èlé, orí N108,000 ni wọ́n ti máa ṣírò, èlé ọdún náà á sì jẹ́ N8,640. N640 tó lé yẹn kò ti òkèèrè wá: òun ni ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún èlé ọdún kìíní, ìyẹn N8,000. Àpapọ̀ di N116,640. Ní ọdún kẹta, èlé jẹ́ N9,331.20, àpapọ̀ sì di N125,971.20, nígbà tí èlé ṣákálá ṣì wà ní N124,000.

Ẹni tó bá dúró síbí yóò sọ pé ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan, pé kí ni ènìyàn fẹ́ fi nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì náírà ṣe lẹ́yìn ọdún mẹ́ta? Ẹjọ́ rẹ̀ kọ́. Ìbẹ̀rẹ̀ èlé orí èlé máa ń falẹ̀ bí ìgbín. Ṣùgbọ́n ní ọdún kẹwàá nìkan, èlé tí yóò wọlé jẹ́ N15,992, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti ọdún kìíní, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi kọ́bọ̀ kún ojú owó. Àpapọ̀ owó á jẹ́ N215,892.50. Èlé ṣákálá yóò ṣì wà ní N180,000. Bí wọ́n bá fi owó náà sílẹ̀ di ogún ọdún, N466,095.71 yóò wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, N260,000 yóò wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì.

Nísinsìnyí, ẹ mú ìdá mẹ́wàá orí pátákó wá, kí a gbà pé èlé ṣákálá ni, kí a sì gbé e dojú kọ ìdá mẹ́jọ tí èlé ń gun orí èlé. Ní ọdún karùn-ún, ìdá mẹ́wàá ló ṣì ń léwájú: N150,000 sí N146,932.81. Ní ọdún kẹfà, ó ṣì fi díẹ̀ ṣíwájú. Ní ọdún keje, ìdá mẹ́jọ ti di N171,382.43, ìdá mẹ́wàá wà ní N170,000, láti ọjọ́ náà lọ kò sì ní lè bá a mọ́. Lóòótọ́, ẹni tó ń gba N10,000 rẹ̀ lọ́dọọdún tó sì ń fi í sí ibòmíràn tó ń mú èlé wá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe èlé orí èlé. Ṣùgbọ́n èlé tí wọ́n san sọ́wọ́ kì í pẹ́ di owó aṣọ ẹbí.

Ọ̀tá kan tún wà tó ń ba èlé orí èlé jẹ́ nínú àkáǹtì ìfowópamọ́. Ìlànà Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gbà pé kí oníbàárà pàdánù èlé oṣù tó bá gba owó jáde ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ. Ẹni tó ń gba ẹgbẹ̀rún méjì níbí, ẹgbẹ̀rún kan lọ́hùn-ún kò pàdánù èlé oṣù náà nìkan, ó pàdánù gbogbo èlé tí èlé oṣù náà ìbá bí.

Ó sì yẹ kí àwọn tó ń fi èlé orí èlé ṣe ìwàásù ọrọ̀ náà rọra. Bí ìwọ̀n èlé bá kéré, kò sí ohun tó máa gun orí ohunkóhun. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2020, Báńkì Àpapọ̀ sọ èlé tó kéré jù lórí àkáǹtì ìfowópamọ́ di ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n èlé tí òun fúnra rẹ̀ fi ń darí ọ̀rọ̀ owó. 12.5 ni ìwọ̀n yẹn nígbà tí ìlànà náà bẹ̀rẹ̀, nítorí náà 1.25 péré ló kan aráàlú nínú ọgọ́rùn-ún. Ní ìwọ̀n yẹn, N100,000 á lo ọdún mẹ́wàá gbáko kí èlé orí èlé tó fi nǹkan bí N727 ju èlé ṣákálá lọ. Oṣù kẹjọ ọdún 2022 ni wọ́n tó dá a padà sí ìdá ọgbọ̀n. Ọ̀wọ́n gógó ọjà pẹ̀lú kò dúró: ní oṣù kejìlá ọdún 2024, iye tí ìjọba gbé jáde fún un jẹ́ 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún, èlé báńkì tí kò sì tó bẹ́ẹ̀ kò lè lé e bá, ìbáà gun orí èlé.

Bí ènìyàn ṣe lè mọ irú èyí tí wọ́n ń san fún òun kò le. Kí ó wá oṣù méjì tó tẹ̀ lé ara wọn tí iye ọjọ́ wọn dọ́gba, bí oṣù keje àti oṣù kẹjọ tó ní ọjọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ̀ọ̀kan, kí ó má fi owó kún un, kí ó má sì gba jáde. Bí báńkì bá ń san èlé lóṣooṣù, N100,000 ní ìdá mẹ́jọ yóò mú N679.45 wá ní oṣù keje. Ní oṣù kẹjọ, ó yẹ kí ó jẹ́ N684.07. Bí iye méjèèjì bá rí bákan náà nínú ìwé àkọsílẹ̀ àkáǹtì, nígbà tí ìwọ̀n èlé kò yí padà, èlé oṣù keje kò sí lára ojú owó, kí oníbàárà sì béèrè lọ́wọ́ báńkì ibi tí wọ́n gbé e sí.