Ìwé Adójútòfò fún Ṣọ́ọ̀bù Yín

Ìwé adójútòfò iná, ìbáà jẹ́ ti tàkáfùlù, a máa san àdánù tí iná tàbí àrá bá fà. Kì í san ohun tí wọ́n jí nígbà tí iná ń jó. Ṣùgbọ́n ibi tó ń dun oníṣòwò jù nìyí: bí ọjà yín bá tó mílíọ̀nù 4 náírà, tí ẹ kọ mílíọ̀nù 2 sínú ìwé, tí iná sì jó ọjà mílíọ̀nù 1, 500,000 náírà péré ni ẹ óò gbà, torí ìdajì ọjà ni ẹ sanwó lé lórí. Bí iná bá ṣẹlẹ̀, ẹ kọ̀wé sí wọn lọ́gán, ẹ gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ panápaná, ẹ má sì tíì palẹ̀ mọ́ kí aṣojú wọn tó wá wò ó. Ní ti rìsíìtì ọjà, ilé ni kí ó máa wà, kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù.