Ẹ Ka Orúkọ Oògùn Náà Dé Òpin

Bí dókítà bá ní kí ẹ lọ ra trastuzumab fún ẹni tó ní jẹjẹrẹ ọyàn, ẹ má tíì sáré lọ ta ilẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè: "Dókítà, kí ni àyẹ̀wò HER2 sọ?"

HER2 jẹ́ purotéènì kan tó máa ń wà lára èèpo sẹ́ẹ̀lì. Nínú jẹjẹrẹ ọyàn márùn-ún, nǹkan bí ẹyọ kan ni purotéènì yìí ti pọ̀ kọjá ààlà, tó sì ń ti sẹ́ẹ̀lì níkùn pé kó máa bí sí i. Òun nìkan ni oògùn yìí ń wá. Bí kò bá bá a nílé, owó yín ti wọgbó nìyẹn. Lára ẹran tí wọ́n gé níbi kókó náà ni wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò. Bí èsì bá jẹ́ 3+, ẹ lè ra oògùn. Bó bá jẹ́ 0 tàbí 1+, trastuzumab lásán kò ní rí nǹkan dì mú. Èyí tó ń dá wàhálà sílẹ̀ ni 2+, nítorí àyẹ̀wò mìíràn tó ń ka jíìnì ló máa parí ẹjọ́ rẹ̀.

Ẹni tó gbọ́ Àyàntúndé ti mọ̀ pé ilé onílù ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni orúkọ oògùn ṣe rí. "Mab" tó gbẹ̀yìn ń sọ pé áńtíbọ́dì ni, ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀ láti orísun kan ṣoṣo. "Zu" ń sọ pé ara eku ló ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó tún un ṣe kó jọ ti ènìyàn. "Tu" ń tọ́ka sí kókó jẹjẹrẹ. (Láti 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé kò fi "mab" sọ oògùn tuntun lórúkọ mọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó ti ń jẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀ kò pààrọ̀ orúkọ.)

HER2 yìí kan náà ni lapatinib ń bá jà, àmọ́ ìdílé "nib" ló ti wá. Ó kéré, ó ń wọnú sẹ́ẹ̀lì, ẹnu ni a sì fi ń gbé e mì. Trastuzumab fi nǹkan bí ìlọ́po 250 wúwo jù ú lọ. Bí ẹ bá gbé e mì, ikùn á dà á bí ẹ̀wà. Ẹni tó bá ń ta oníhóró rẹ̀ fún yín, gbájúẹ̀ ni. Inú fíríìjì ló ń gbé, láàárín ìwọ̀n 2 sí 8. Bó bá ti di yìnyín rí, ẹ má gbà á.

Ìbejì orúkọ tún wà: trastuzumab emtansine, tí wọ́n so májèlé apasẹ́ẹ̀lì mọ́. Obìnrin tó wọn kìlógíráàmù 60 máa ń gba mílígíráàmù 480 trastuzumab lásán lẹ́ẹ̀kíní, lẹ́yìn náà 360 ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta. Ti emtansine kò ju 216 lọ. Nítorí náà, kí nọ́ọ̀sì tó fi dirípù kọ́, ẹ jọ ka ara ìgò náà títí dé ọ̀rọ̀ kejì.