Nígbà Tí Èdè Bá Kù Sẹ́nu Ẹnì Kan

Lẹ́yìn tí mo kọ̀wé nípa àwọn èdè tó ń kú lọ, ìyàwó ilé kan tó ń gbé ní Kàdúná fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi. Ọmọ Yorùbá ni, ṣùgbọ́n ọmọ gúúsù Kàdúná ló fẹ́. Ó ní ìyá ọkọ òun ń sọ èdè kékeré kan, ọkọ òun ń gbọ́ ọ ṣùgbọ́n kì í sọ ọ́, àwọn ọmọ òun mẹ́ta kò gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀. Ó wá bèèrè pé: "Kí ló le nínú iṣẹ́ tí ẹ̀ ń sọ yìí gan-an? Fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo wa. Ṣé bí mo bá gbé e síwájú màmá, tí wọ́n sọ̀rọ̀ títí ó fi rẹ̀ wọ́n, ìyẹn ò ti tó ni?"

Ìbéèrè gidi ni. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Kí n tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn bàbá kan fún yín.

Láàárín ọdún 1994 sí 1995, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè kan tó ń jẹ́ Bruce Connell ń ṣiṣẹ́ ní agbègbè Mambila ní Adamawa ti ilẹ̀ Kamẹrúùnù, lódìkejì ẹnubodè ìpínlẹ̀ Taraba wa. Èdè tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Kasabe, tí àwọn aládùúgbò ń pè ní Luo. Ẹnì kan ṣoṣo ló rí tó ń sọ ọ́. Bogon lorúkọ bàbá náà, òun fúnra rẹ̀ kò sì mọ ẹlòmíràn tó tún ń sọ ọ́. Connell padà lọ ní oṣù kọkànlá ọdún 1996, ó fẹ́ gba ọ̀rọ̀ sí i kún èyí tó ti gbà tẹ́lẹ̀. Ó bá a pé Bogon ti kú láti ọjọ́ 5 oṣù kọkànlá ọdún 1995. Bogon fi arábìnrin kan sílẹ̀ sáyé, tí wọ́n ní ó máa ń yé bí wọ́n bá sọ Kasabe, ṣùgbọ́n kò lè sọ ọ́. Ó fi ọmọ sílẹ̀, ó fi ọmọ-ọmọ sílẹ̀. Kò sí ìkankan nínú wọn tó mọ èdè náà.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ arábìnrin yẹn dáadáa. Àwa Yorùbá máa ń sọ pé ẹnì kan "gbọ́ Haúsá", ìyẹn sì lè túmọ̀ sí pé ó ń sọ ọ́ tàbí pé ó kàn ń yé e. Lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ọ̀tọ̀ ni ẹni tó ń sọ, ọ̀tọ̀ lẹni tó kàn ń yé. Ibi tí èdè ti ń kú gan-an ni àárín àwọn méjèèjì. Ìyá ń sọ ọ́, ó ń yé ọmọ, ọmọ-ọmọ kò mọ̀ ọ́n rárá. Ìran mẹ́ta ti tó. Ìdí nìyí tí àjọ UNESCO, nígbà tí wọ́n bá ń díwọ̀n ewu tó wà lórí èdè, fi máa ń bèèrè bóyá àwọn ọmọdé ṣì ń kọ́ ọ nílé, yàtọ̀ sí pé wọ́n ka iye ẹni tó ń sọ ọ́. Èdè tí ẹgbẹ̀rún márùn-ún èèyàn ń sọ, tí ọmọ ọdún mẹ́ta ń fi í sunkún, sàn ju èdè tí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún arúgbó ń sọ.

A tún máa ń yára di ẹ̀bi ru Gẹ̀ẹ́sì. Ní Nàìjíríà, níbi tí èdè ti lé ní 500, èdè aládùúgbò ló sábà máa ń gbé èdè kékeré mì. Ẹ lọ sí ìlú Nkọrọọ ní ìpínlẹ̀ Rivers. Àwọn ará Defaka ń gbé níbẹ̀ láàárín àwọn Nkọrọọ. Wọ́n jọ ń pẹja, wọ́n jọ ń ná ọjà, wọ́n ń fẹ́ra wọn. Èdè Nkọrọọ ni ọmọ Defaka ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré, òun náà ló sì ń bá a wọlé lálẹ́. Kò sí ẹni tó fòfin de Defaka. Iye tí wọ́n sábà máa ń kọ sílẹ̀ fún àwọn tó ń sọ ọ́ kò ju bí 200 lọ. Nkọrọọ tó ń gbé e mì yìí gan-an, èdè kékeré ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ńlá tó yí i ká. Ọ̀jọ̀gbọ́n wa Akinbiyi Akinlabi àti Connell tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan jọ ṣiṣẹ́ lórí àwọn èdè méjèèjì yìí. Àǹfààní tí wọ́n ní níbẹ̀, tí kò sí lọ́dọ̀ Bogon, ni pé ẹni tó ń sọ Defaka ṣì lè rí ẹlòmíràn bá sọ ọ́.

Ó yá, ká padà sórí fóònù. Ká ní màmá sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan, a sì gbà á sílẹ̀. Bí màmá bá lọ lọ́la, kí la ní lọ́wọ́? Ariwo tó dùn létí ni. Kò sí ẹni tó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ kan parí sí tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, gbígba ohùn sílẹ̀ ni apá tó rọrùn jù. Iṣẹ́ gidi ni kí a tún jókòó ti màmá, kí a máa fi ohùn náà sí i ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kí ó tún un sọ díẹ̀díẹ̀, kí a kọ ọ́ bó ṣe dún, kí a bèèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà ìtumọ̀ gbogbo gbólóhùn. Ètò kan wà lórí kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ ELAN, tó máa ń so ohun tí a kọ mọ́ ibi tó wà gan-an nínú ohùn. Pẹ̀lú rẹ̀ náà, wákàtí kan ohùn lè gba 40 wákàtí iṣẹ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìtàn ìṣẹ́jú márùn-ún péré yóò gbà ju wákàtí mẹ́ta lọ, bẹ́ẹ̀ arúgbó kì í lè jókòó ju wákàtí méjì lọ láàárọ̀ kan kó tó rẹ̀ ẹ́. Àárọ̀ méjì nìyẹn, fún ìtàn ìjàpá kan.

Ọ̀rọ̀ kéékèèké la fi ń bẹ̀rẹ̀: orí, ojú, omi, iná, òkúta. Ìwé ọ̀rọ̀ 100 wà tí Morris Swadesh tò, ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń lò ó. Ọ̀fìn sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Lọ́dún tí mo ń kọ́ iṣẹ́ yìí, wọ́n mú bàbá kan wá bá wa ní kíláàsì, a ń fi Haúsá bi í ní ọ̀rọ̀. Mo bèèrè orí, ojú, etí, ọwọ́. Gbogbo ìdáhùn rẹ̀ ló parí sí ìró kan náà. Inú mi dùn, mo kọ ọ́ sínú ìwé mi pé ìró yìí ni wọ́n fi ń parí ọ̀rọ̀ orúkọ. Nígbà tí a dé orí omi àti iná, ìró náà kò sí níbẹ̀ mọ́. Ọjọ́ kẹta ni mo tó na ọwọ́ ara mi, mo ní, "Èyí ńkọ́?" Ìró mìíràn ló bá parí rẹ̀. "Orí mi, ojú mi, etí mi" ni bàbá ti ń sọ látàárọ̀. Nínú èdè rẹ̀, orí kì í ṣe orí lásán, orí ẹnì kan ni.

Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ náà ńkọ́? Ẹni tó bá kọ "ọkọ" lásán sílẹ̀ nínú èdè wa kò tíì mọ̀ bóyá olówó orí ìyàwó ni, tàbí ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko, tàbí ọkọ̀ tí wọ́n ń wọ̀, tàbí ọ̀kọ̀ tí ọdẹ ń sọ lu ẹran. Ohun tí a máa ń ṣe ni pé a óò fi gbogbo ọ̀rọ̀ sínú gbólóhùn kan náà, bí "mo rí báyìí lánàá", kí a lè gbọ́ ìyàtọ̀. Bí etí bá ṣì ń tàn wá, a óò bẹ bàbá kí ó súfèé ọ̀rọ̀ náà. Àwọn àgbàlagbà máa ń rẹ́rìn-ín sí èyí, ṣùgbọ́n nígbà tí kóńsónáǹtì àti fáwẹ̀lì bá kúrò lọ́nà, ohùn nìkan ló kù.

Èyí tó le jù ni pé ẹni tó kù ṣìkẹ́yìn lè ti lo ogún ọdún láìbá ẹnikẹ́ni sọ èdè náà. Ó ti gbàgbé. Ọ̀rọ̀ tó wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́ lè jẹ́ ti èdè tó ń sọ lójoojúmọ́, kí ti ìyá rẹ̀ tó jáde lọ́jọ́ kẹrin. Bí a bá sì fi Haúsá bi í ní gbólóhùn, ó lè to ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ bí Haúsá ṣe ń to tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣe máa ń parí gbólóhùn nínú Defaka, bí ẹni sọ pé "ọdẹ ẹran pa". Ẹni tó bá ń túmọ̀ láti inú Gẹ̀ẹ́sì lè fa ọ̀rọ̀ ìṣe yẹn sáàárín láìfura. Bí a ṣe ń mọ̀ ni pé kí a fi ìdáhùn ìbéèrè wé ìtàn tó sọ láìsí ẹni tó bi í. Bí wọn kò bá bára mu, ìtàn ni kí ẹ gbà gbọ́.

Ṣùgbọ́n ẹnì kan kò lè dá ìfọ̀rọ̀wérọ̀ sọ. Ìkíni àti ìdáhùn rẹ̀, àwàdà, àríyànjiyàn, bí wọ́n ṣe ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ara wọn, gbogbo ìyẹn nílò ẹni méjì. Mo máa ń ronú nípa Bogon àti arábìnrin rẹ̀: ká ní wọ́n jókòó pọ̀, kí ó máa sọ̀rọ̀ sí i, kí obìnrin náà máa fi èdè mìíràn dá a lóhùn. Ìyẹn ì bá ṣì jẹ́ ìfọ̀rọ̀wérọ̀.

Ohun tí mo sọ fún ìyàwó ilé wa nìyẹn. Kí ó má gbé fóònù síwájú màmá nìkan. Ó ní àbúrò màmá kan ń gbé ní abúlé. Kí wọ́n mú àwọn méjèèjì jókòó, níbi tí kò sí fáànù tàbí jẹnẹrétọ̀, kí fóònù wà láàárín wọn, bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan sí ẹnu. Kí ó bèèrè lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ bóyá wọ́n fẹ́, ta ni wọ́n fẹ́ kó gbọ́ ọ, ta ni wọn kò fẹ́ kó gbọ́ ọ, nítorí orin mìíràn wà tí kò yẹ kí gbogbo ayé gbọ́. Kí ó kọ́kọ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ orúkọ àwọn tó wà níbẹ̀, ọjọ́, ìlú àti orúkọ èdè náà sínú rẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó. Kí ó fi ojúlówó rẹ̀ pamọ́ síbi méjì, nítorí bí ó bá gba orí Wáásáàpù ránṣẹ́ bí àtẹ̀jíṣẹ́ ohùn, àwọn ìró tẹ́ẹ́rẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ sọnù.

Lẹ́yìn náà, kí ọkọ rẹ̀ jókòó ti àwọn màmá méjèèjì, kó máa dá ohùn náà dúró ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kó máa sọ ìtumọ̀, kí ọmọ tó mọ̀wé jù nílé máa kọ ọ́. Ó fèsì pé ọkọ òun ní ojú ń ti òun, pé òun á ṣi ọ̀rọ̀ sọ níwájú ìyá òun. Mo ní kí ó jẹ́ kó ṣì í. Màmá yóò tún un ṣe, kí fóònù ṣì máa gbohùn lọ nígbà náà.