Ibi Tí Àtúnṣe Fọ́tò Parí Sí

Oníbàárà mi kan níbí ní Dálàsì, ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, kọ̀wé sí mi lẹ́yìn tí mo ya fọ́tò ẹbí wọn létí adágún Wáìtì Rọ́ọ̀kì. Ìyá rẹ̀ pé ọdún 70, gbogbo ilé wọ léèsì, inú oníkálùkù dùn. Ohun márùn-ún ló ní kí n bá òun tún ṣe nínú fọ́tò náà kí n tó tẹ̀ ẹ́. Mo fèsì, mo sì tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí n fi èsì náà hàn yín, torí ohun tó béèrè ni ọ̀pọ̀ òbí máa ń béèrè lọ́wọ́ mi. Ó ní kò sí wàhálà, kí n ṣáà ti yọ orúkọ. Èsì náà rèé.

Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. Ẹ bá mi kí Màmá, ẹ ní wọ́n á pẹ́ fún wa. Nínú ohun márùn-ún tí ẹ kọ, méjì rọrùn, méjì gba àlàyé, ìkarùn-ún ló yẹ ká jọ sọ dáadáa.

Ẹ jẹ́ ká mú àwọn tó rọrùn kúrò nílẹ̀. Irorẹ́ tó wà níwájú orí ẹ̀gbọ́n àgbà, mo máa mú un kúrò. Irinṣẹ́ kan wà nínú kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Healing Brush. Ó máa ń mú awọ ara tó wà nítòsí láti fi bo ojú kókó kékeré. Ìlànà tí mo ń tẹ̀ lé ni pé ohun tí kò ní sí lójú ọmọ mọ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i lè kúrò nínú fọ́tò, ṣùgbọ́n ohun tó ń bá ọmọ jí lójoojúmọ́ dúró síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí irorẹ́ fi máa lọ, tí àmì tí wọ́n bí mọ́ ọn létí ẹnu kò ní lọ. Ike omi tó wà nílẹ̀ àti ọkùnrin tó ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá lẹ́yìn yín, àwọn náà máa kúrò. Kò sẹ́ni tó máa wo fọ́tò ẹbí yín láti fi mọ ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ létí adágún lọ́jọ́ náà.

Ó wá kan àbíkẹ́yìn. Ẹ ní kí n jẹ́ kí ojú rẹ̀ "mọ́ díẹ̀". Ọ̀rọ̀ yẹn ní ìtumọ̀ méjì, ọ̀kan ni mo lè ṣe.

Kámẹ́rà ò mọ èèyàn, ìmọ́lẹ̀ ló mọ̀. Ohun yòówù tó bá rí, ó máa ń fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ bọ́ sáàárín funfun àti dúdú, bí àwọ̀ eérú. Lọ́jọ́ náà, omi ń dán lẹ́yìn yín, léèsì funfun Màmá náà ń dán. Kámẹ́rà rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, ó dín in kù, ojú àwọn tó dúdú jù láàárín yín ló sì kọ́kọ́ rì. Nítorí náà òótọ́ lẹ sọ, ojú ọmọ náà ṣókùnkùn ju bó ṣe rí lọ. Ṣé ẹ rántí páálí aláwọ̀ eérú tí mo ní kí Màmá dì mú ká tó bẹ̀rẹ̀? Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Mo mọ bó ṣe yẹ kí páálí yẹn rí. Tí mo bá tún ìmọ́lẹ̀ ṣe títí páálí fi rí bó ṣe yẹ, àwọ̀ gbogbo yín náà á padà sí bó ṣe wà lójú oòrùn lọ́jọ́ náà. Nínú fọ́tò yín, mo sún Exposure sí +0.60, mo sì sún un fún fọ́tò náà lódindi. Ojú ọmọ náà yọ, adúláwọ̀ rẹ̀ tó dára sì wà níbẹ̀.

Èyí tí mi ò ní ṣe ni pé kí n mú ojú tirẹ̀ nìkan, kí n sọ ọ́ di aláwọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Ìyẹn ti kúrò ní títún ìmọ́lẹ̀ ṣe. Ó ti di bíbó ara lórí kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá fẹ́ mọ fọ́tò tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí, ẹ wo ọwọ́ àti ọrùn. Ẹni tó ń bó ojú nínú fọ́tò sábà máa ń gbàgbé ọwọ́, ojú á pọ́n, ọwọ́ á dúdú. Ọmọ náà ò ní pẹ́ dàgbà tó láti rí i fúnra rẹ̀, ó sì máa mọ̀ pé nínú àwọn mẹ́ta, òun nìkan ni wọ́n tún àwọ̀ rẹ̀ ṣe.

Ìkẹrin ni Màmá. Ẹ ní kí n "jọ̀lọ̀" ojú wọn, kí àwọn ilà yẹn náà má fi bẹ́ẹ̀ hàn. Mo máa dín òjìji dúdú abẹ́ ojú wọn kù, torí oòrùn ìrọ̀lẹ́ tó ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ló mú un jìn bẹ́ẹ̀, mo sì máa fi díẹ̀ sílẹ̀, nítorí ẹni ọdún 70 ni wọ́n. Ṣùgbọ́n pélé wọn, mẹ́ta lẹ́rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, mẹ́ta lẹ́rẹ̀kẹ́ òsì, mi ò ní fọwọ́ kàn án.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń pòórá, torí ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò sẹ́ni tó pinnu rẹ̀. Ilà ń hàn nínú fọ́tò nítorí pé ojú rẹ̀ jìn díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ á sì ju òjìji tẹ́ẹ́rẹ́ sínú rẹ̀. Àwọn áàpù tó ń jọ̀lọ̀ ojú ò mọ ilà yàtọ̀ sí ìhunjọ. Òjìji tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń wá, wọ́n á sì nù ún. Ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ máa tẹ bọ́tìnnì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ Màmá á dán bíi dígí. Nítorí náà ni mo ṣe ń fọwọ́ ṣe ojú àgbàlagbà díẹ̀díẹ̀, tí mo sì máa ń dí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mọ́ kí irinṣẹ́ jíjọ̀lọ̀ má bàa débẹ̀.

Nàìjíríà ti fi Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 de kíkọ ilà sára ọmọ, èmi náà ò sì sọ pé kí ẹnikẹ́ni kọ ọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó túmọ̀ sí ni pé àwọn ọmọ yín ò ní rí pélé lójú ẹgbẹ́ wọn. Ojú Màmá ni wọ́n ti máa rí i, lọ́jọ́ iwájú, inú fọ́tò yìí. Tí mo bá nù ún, kò sí ibòmíì tí wọ́n ti máa kà á.

Ó ku ìkarùn-ún: ọkọ àbúrò yín tó ṣì wà ní Ìbàdàn. Ẹ ní kí n fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀, kí ẹbí lè pé.

Kì í ṣe ohun àjèjì nílẹ̀ wa. Ará Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1978 nínú ìwé àtìgbàdégbà African Arts, lẹ́yìn tó ti wo iṣẹ́ àwọn onífọ́tò ní Ìlá Ọ̀ràngún. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá lọ kí wọ́n tó ya fọ́tò àwọn méjèèjì, onífọ́tò á ya èyí tó kù, á sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan náà, bí ẹni pé ọmọ méjì ló jókòó ti ara wọn. Bó bá jẹ́ akọ kan, abo kan ni wọ́n bí, wọ́n á ya èyí tó kù nínú aṣọ tirẹ̀, wọ́n á tún wọ aṣọ èkejì fún un, wọ́n á yà á lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n á so méjèèjì pọ̀. Ìyá mọ̀, bàbá mọ̀, gbogbo agbo ilé mọ̀. Fọ́tò náà ń ṣe iṣẹ́ ère ìbejì, kò sì sẹ́ni tó ń fi í sọ pé ọmọ méjì ló wà ní ilé fọ́tò lọ́jọ́ náà. Kò tan ẹnikẹ́ni jẹ.

Ohun tó yí tiyín padà ni gbólóhùn tí ẹ fi parí lẹ́tà yín, pé kí n fún yín ní ẹ̀dà kan fún lọ́yà tó ń ṣe ìwé ọkọ àbúrò yín. Fọ́tò ẹbí wà lára ohun táwọn èèyàn máa ń fi ti ìwé I-130 lẹ́yìn, láti fi hàn pé ìgbéyàwó náà kì í ṣe ayédèrú. Lórí ògiri yàrá, fọ́tò àpapọ̀ ń sọ pé "ó wà lọ́kàn wa". Nínú fáìlì ìjọba, fọ́tò kan náà ń sọ pé "ó dúró síbí lọ́jọ́ yìí". Èkejì yẹn irọ́ ni. Òfin ilẹ̀ yìí sì sọ pé ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ parọ́ lórí ohun tó ṣe pàtàkì láti fi gba físà lè di ẹni tí wọn ò ní jẹ́ kó wọlé mọ́ láyé rẹ̀, àfi bí wọ́n bá yọ̀ǹda fún un lọ́tọ̀. Ìgbéyàwó tó jẹ́ òótọ́ pọ́nńbélé, fọ́tò kan ṣoṣo lè mú kí wọ́n máa wò ó bí irọ́.

Wọ́n sì lè mọ̀. Ẹ wo fọ́tò tó tẹ̀ mí lọ́wọ́: gílóòbù òkè àjà ló tan ìmọ́lẹ̀ sí i lórí, òjìji imú rẹ̀ bọ́ sórí ètè. Nínú tiyín, oòrùn ti ọwọ́ òsì wá, òjìji gbogbo yín bọ́ sí ọ̀tún. Èèyàn lè má mọ ohun tó ń dà á láàmú, ṣùgbọ́n ojú á kọ̀ ọ́. Ẹ rántí fọ́tò Kate, ìyàwó ọmọ ọba Ìlú Ọba, àtàwọn ọmọ rẹ̀, èyí tí wọ́n gbé jáde ní ọjọ́ 10 oṣù kẹta ọdún 2024. Etí apá aṣọ ọmọbìnrin rẹ̀ tí kò bá ara mu ló tú àṣírí. Associated Press àtàwọn iléeṣẹ́ ìròyìn míì fà á padà lọ́jọ́ kan náà, ó sì tọrọ àforíjì lọ́jọ́ kejì. Ká ní inú álíbọ́ọ̀mù ilé ló wà ni, ta ló máa bá a wí? Ṣùgbọ́n gbogbo ayé ń fi fọ́tò yẹn wá ìròyìn ara rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ.

Ohun tí mo máa ṣe rèé. Ẹ ní kí ọkọ àbúrò yín jáde síta nírọ̀lẹ́, kí oòrùn wà lọ́wọ́ òsì ẹni tó ń yà á, kí wọ́n gbé kámẹ́rà sí ọ̀gangan àyà. Màá fi í sínú fọ́tò ògiri, ṣùgbọ́n màá tẹ ọ̀rọ̀ kékeré sí ìsàlẹ̀ rẹ̀: "Àpapọ̀ fọ́tò méjì, Dálàsì àti Ìbàdàn", pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n ya ìkọ̀ọ̀kan. Ara fọ́tò náà ni mo máa tẹ̀ ẹ́ sí, kó má bàa bọ́ nù lórí Wáásáàpù. Fún lọ́yà, fọ́tò tí ọkùnrin náà àti ìyàwó rẹ̀ jọ yà ní Ìbàdàn lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn ni kí ẹ wá, fáìlì gan-an bó ṣe jáde nínú kámẹ́rà tàbí fóònù, torí ó gbé ọjọ́ tí wọ́n yà á sínú. Ìyẹn nìkan tó ju àpapọ̀ mẹ́wàá lọ.

Èmi ni ti yín, onífọ́tò yín.

Ẹ̀yin òbí, ibẹ̀ ni èsì náà parí sí. Ẹyọ kan péré ni mo fi kún un, nítorí àkókò ìsinmi ń bọ̀, ọ̀pọ̀ nínú yín sì máa gba ìwé ìrìnnà fún ọmọ. Fọ́tò ìwé ìrìnnà Amẹ́ríkà, íǹṣì 2 sí 2, tí kò ju oṣù 6 lọ, kò gba àtúnṣe kankan rárá, ì báà jẹ́ ti áàpù tàbí ti kọ̀ǹpútà. Irorẹ́ tí mo ní mo máa mú kúrò lókè yẹn, tó bá jẹ́ ti ìwé ìrìnnà ni, ibẹ̀ ló máa wà. Tí ẹ bá gbé ọmọ wá sọ́dọ̀ onífọ́tò, ẹ tètè sọ ibi tí fọ́tò náà ń lọ. Ibẹ̀ ló ti máa mọ ohun tó lè fọwọ́ kàn. Ó dìgbà kan ná o.