Ẹ Má Fa Ọmọ Tó Ń Fẹsẹ̀ Bọ̀

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ̀yin tí ẹ ń gbẹ̀bí nílé àti ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ tẹ́tí sí mi. Ìgè kì í ṣe àjèjì láàárín wa. Ọmọ tó fẹsẹ̀ wáyé ti mú orúkọ rẹ̀ bọ̀ láti ọ̀run. Ṣùgbọ́n Ìgè tó yè là ń kì. Èyí tí orí rẹ̀ há sójú ọ̀nà kò dúró gba oríkì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń há. Orí ló tóbi jù, òun ló sì le jù, lára ọmọ tuntun. Bí orí bá ṣíwájú, òun ni yóò la ọ̀nà fún ara yòókù. Bí ìdí tàbí ẹsẹ̀ bá ṣíwájú, ara tó kéré lè gba ẹnu ilé-ọmọ tí kò tíì ṣí tán kọjá, kí orí wá dé ibẹ̀ kó má rí ọ̀nà. Nígbà yẹn, okùn ìwọ́ ti há sáàárín orí ọmọ àti egungun ìyá, èémí ọmọ sì ń tán lọ. Ẹni tó bá rí ẹsẹ̀ tó ń pariwo pé ọmọ ti dé, ó ti yára jù.

Èyí tó wá burú jù ni kí ẹnìkan di ẹsẹ̀ náà mú, kó máa fà á. Apá ọmọ á ká sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, àgbọ̀n rẹ̀ á gbé sókè, orí á sì fẹ̀ ju ọ̀nà lọ. Agbẹ̀bí tó kọ́ṣẹ́ á kọ́kọ́ fọwọ́ lẹ́rán, á jẹ́ kí ìyá fi agbára ara rẹ̀ ti ọmọ jáde dé ìdodo. Bí ẹ bá rí ẹsẹ̀ lójú ara nílé, ẹ má fà á. Ẹ wá ọkọ̀ lọ sí ọsíbítù tó ń ṣiṣẹ́ abẹ.

Òkèèrè lolójú jínjìn ti ń mẹ́kún sun. Ní ọ̀sẹ̀ 28, nǹkan bí ọmọ kan nínú márùn-ún ló ṣì ń forí sókè. Ọ̀pọ̀ wọn á yí fúnra wọn. Tó bá fi máa di àkókò ìbímọ, mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú 100 ló kù. Nítorí náà, ní ọ̀sẹ̀ 36, ẹ béèrè ibi tí orí wà.

Ẹ jẹ́ ká mú aboyún kan tó ti bí ọmọ kan rí. Nọ́ọ̀sì fọwọ́ kan ohun róbótó líle lábẹ́ egungun ìhà rẹ̀. Sikáànì fi hàn pé ìdí ọmọ ló wà nísàlẹ̀, pé ibi ọmọ kò dí ọ̀nà, pé omi pọ̀ tó, pé ọmọ ẹyọ kan ni. Ní ọ̀sẹ̀ 37, dókítà lè gbìyànjú láti yí ọmọ náà láti òde ikùn. Wọ́n á kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ gbọ́ bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù, wọ́n sì lè gún ìyá ní abẹ́rẹ́ tó ń dẹ ilé-ọmọ. Dókítà á fi ọwọ́ kan gbé ìdí ọmọ kúrò ní ìbàdí, á fi èkejì darí orí, kí ọmọ ta òkìtì síwájú. Kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Bó bá dun ìyá jù, tàbí tí ọkàn ọmọ bá yí ìlù padà, wọ́n á dáwọ́ dúró.

Nǹkan bí ìdajì ló ń yí. Àwọn tó ti bímọ rí ló sì máa ń rọrùn fún jù. Nínú 200 ìgbìyànjú, nǹkan bí ẹyọ kan lè di iṣẹ́ abẹ kíákíá. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kìlọ̀ fún ẹni tó ń fi òróró ra ikùn nílé: kò rí ibi tí ibi ọmọ wà, kò gbọ́ ọkàn ọmọ, bí ibi bá sì ṣí nídìí, ẹ̀jẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sọ fún un.

Bí ọmọ bá kọ̀ tí kò yí ń kọ́? Iṣẹ́ abẹ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 39 ni ọ̀nà kan. Ìwádìí ńlá kan ní orílẹ̀-èdè 26, tó jáde ní 2000, fi hàn pé ó dáàbò bo ọmọ jù. Ṣùgbọ́n àpá rẹ̀ ń bá oyún tó ń bọ̀ lọ, torí ó lè ya nígbà ìrọbí. Ẹni tó ṣì fẹ́ bímọ púpọ̀ gbọ́dọ̀ rò ó. Ọ̀nà kejì ni kí ó bí i lójú ara, bí kì í bá ṣe ẹsẹ̀ ló ṣíwájú, bí ọmọ bá tẹ orí ba, tí kò kéré jù, tí kò sì ju kílò 3.8 lọ. Láti ìgbà ìwádìí yẹn, ọwọ́ tó mọ ìgè gbà ti dín kù. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọsíbítù: ta ni yóò gbà á, ó ha ti gbà á rí, yàrá iṣẹ́ abẹ ha wà nítòsí?

Ẹ má sọ pé a kì í fi abẹ bímọ nínú ẹbí yín. Ẹ tọ́jú owó àti ọkọ̀ ṣáájú. Bí omi bá dà, bó ti wù kó jẹ́ òru, ẹ gbéra lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, torí okùn ìwọ́ lè yọ ṣáájú ọmọ.