Àwòrán Tí Ó Di Ìlọ́po Méjì Kò Sọ Káàdì Àtijọ́ Di Tuntun

Ní Ìkòròdú àti ní Ẹ̀pẹ́, bí ọ̀dọ́ kan bá ń wá káàdì àwòrán tí yóò fi sí kọ̀ǹpútà rẹ̀ nítorí géèmù, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ẹrù tòkunbọ̀ ni ó sábà máa ń yà sí, tàbí kí ó wọ ọkọ̀ lọ sí ọjà kọ̀ǹpútà tó wà ní Òtígbà, Ìkẹjà. Èyí tí owó rẹ̀ ká kì í sábà jẹ́ ti àná. Ó lè ti lo ọdún mẹ́fà tàbí mẹ́sàn-án láyé. Ọ̀rọ̀ tí olùtajà yóò fi tù ú nínú ni pé ètò ìgbàlódé ti dé, tí í máa ń sọ ogójì àwòrán di ọgọ́rin láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó dì pọ̀ mọ́ra. Ọ̀kan nínú wọn ń dín iṣẹ́ káàdì kù. Èkejì ń fi iṣẹ́ kún un, ó sì ń tan ojú jẹ.

Èkínní ni fífẹ àwòrán. Káàdì yóò kọ́kọ́ ya àwòrán kékeré, ètò náà yóò wá fẹ̀ ẹ́ títí yóò fi kún ojú ẹ̀rọ. FSR tí ilé-iṣẹ́ AMD ṣe ni èyí tó wúlò jù fún káàdì àtijọ́, nítorí pé DLSS ti ilé-iṣẹ́ NVIDIA kò ṣiṣẹ́ lórí káàdì tí kì í ṣe RTX. Ojú ẹ̀rọ tó fẹ̀ tó 1920 sí 1080 ní píksẹ́lì tó lé ní mílíọ̀nù méjì. Bí a bá fi FSR sí Quality, 1280 sí 720 ni káàdì yóò yà ní tòótọ́, èyí tí kò ju ìdá 44 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Láti ìgbà tí FSR 2 ti jáde ní ọdún 2022, ètò náà máa ń ṣa ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ láti inú àwọn àwòrán tó ti kọjá kó tó fẹ èyí tó wà lọ́wọ́. Àgbò tó fẹ̀yìn rìn, agbára ló lọ mú wá.

Ẹ jẹ́ kí a mú GTX 1060 oní-gígábáìtì mẹ́fà, tó jáde ní ọdún 2016, àti géèmù Cyberpunk 2077. Nígbà tí àtúnṣe 2.0 ti géèmù náà dé ní ọdún 2023, CD Projekt Red tó ṣe é kọ ọ́ sílẹ̀ pé káàdì yìí ni ó kéré jù tí a lè lò, fún ọgbọ̀n àwòrán láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, pẹ̀lú gbogbo ètò ní ìsàlẹ̀. Ọgbọ̀n àwòrán túmọ̀ sí pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba ìdá 33 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá. Ká sọ pé 23 nínú rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ píksẹ́lì, tí 10 tó kù jẹ́ iṣẹ́ tí kò dá lórí bí àwòrán ṣe tóbi tó. Bí píksẹ́lì bá dín kù sí ìdá 44, 23 yóò di 10. A fi 10 tí kò yí padà kún un, àti bíi 2 tí fífẹ àwòrán fúnra rẹ̀ ń ná wa. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 22, èyí tó tó àwòrán 45 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá. Èrè gidi ni, ọwọ́ pàápàá yóò sì mọ̀ ọ́n. Ohun tí a fi san án ni pé irun orí àti ọ̀pá odi tín-ín-rín yóò máa wárìrì bí ènìyàn bá ń rìn.

Èkejì ni èyí tí a ń rí lójú ẹ̀rọ gẹ́gẹ́ bí Frame Generation. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wo àwòrán gidi méjì, kí ó sì hùmọ̀ ẹ̀kẹta tí yóò fi sí àárín wọn. Ṣùgbọ́n a kò lè mọ ohun tó wà láàárín àwòrán méjì kí èkejì tó dé. Nítorí náà, ètò náà gbọ́dọ̀ dá àwòrán tuntun dúró ná, kí èyí tí a hùmọ̀ lè ṣíwájú rẹ̀. Ká padà sí káàdì wa tó wà ní 22. Bí ìhùmọ̀ náà bá gba 3, àwòrán gidi kan yóò máa gba 25, ìyẹn ogójì láàárín ìṣẹ́jú-àáyá. Ojú ẹ̀rọ yóò kọ 80. Ṣùgbọ́n ogójì péré ni géèmù ń gbọ́ ti ọwọ́ olùṣeré, ó kéré sí 45 tó wà tẹ́lẹ̀, ìdádúró nǹkan bí 12 sì tún gun orí rẹ̀. Ẹni tó ń yìnbọn nínú géèmù yóò rí ọ̀tá kedere, ìbọn rẹ̀ yóò sì pẹ́ kó tó dún.

Ìdí nìyí tí AMD fi dámọ̀ràn pé kí káàdì ti máa ya nǹkan bí ọgọ́ta àwòrán gidi kí ènìyàn tó tan ètò yìí. AMD kò sì ka ìran GTX 10 mọ́ àwọn tí FSR 3 lè hùmọ̀ àwòrán fún. Láti RTX 20 àti RX 5000 ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Lossless Scaling tí wọ́n ń tà lórí Steam lè ṣe irú iṣẹ́ náà lórí káàdì tó dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ìdádúró náà kò kúrò níbẹ̀. Ẹni tó ní ọgọ́ta tẹ́lẹ̀ ni ìhùmọ̀ ń ṣe lóore. Ẹni tó ní ọgbọ̀n, tó sì nílò ìrànlọ́wọ́ jù, ni kò lè ràn lọ́wọ́.

Odi méjì mìíràn tún wà tí ètò méjèèjì kò lè wó. Odi kìn-ín-ní ni ìrántí káàdì. Fífẹ àwòrán kò dín ìwọ̀n aṣọ àti ògiri inú géèmù kù púpọ̀, ìhùmọ̀ sì tún ń gba àyè tirẹ̀. Bí gígábáìtì mẹ́fà bá ti kún, géèmù yóò máa ta kọ́sẹ́ nígbà tí ènìyàn bá yí ojú padà lójijì, ògiri yóò sì pẹ́ kó tó mọ́ kedere. Odi kejì ni ẹ̀yà ara tí káàdì kò ní rárá. Géèmù Indiana Jones and the Great Circle, tó jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, béèrè ẹ̀yà tó ń ṣírò ìtànṣán ìmọ́lẹ̀ nínú káàdì. GTX 1060 kò ní i, kò sì sí FSR tó lè fi í síbẹ̀.

Nítorí náà, kí olùrà má ṣe fi nọ́ńbà tí olùtajà gbé sójú ẹ̀rọ díwọ̀n káàdì. Kí ó ní kí wọ́n pa Frame Generation, kí wọ́n fi FSR sí Quality, kí ó wá ka nọ́ńbà náà. Bí ó bá tó ọgọ́ta, káàdì náà ṣì ní ọdún díẹ̀ níwájú. Bí ó bá wà láàárín ogójì àti ọgọ́ta, ó tó fún géèmù ìtàn tí kò béèrè ìkánjú. Bí kò bá tó ogójì, kí ó pa owó rẹ̀ mọ́. Kí ó tún sọ Quality di Performance: bí nọ́ńbà kò bá yí padà, ọpọlọ kọ̀ǹpútà ni ó rẹ̀, kì í ṣe káàdì, káàdì mìíràn kò sì ní wo àìsàn náà sàn. Lẹ́yìn èyí, kí ó tẹ Ctrl+Shift+Esc, kí ó lọ sí Performance, kí ó tẹ GPU, kí ó sì wo Dedicated GPU memory bóyá ó ti kún dẹ́nu.

Owó tí akẹ́kọ̀ọ́ kan fi oṣù púpọ̀ kó jọ kò yẹ kó bá àwòrán tí a hùmọ̀ lọ. Iye àwòrán gidi ni kí ó sanwó fún.